Wọ́n ní mo da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ: ẹ bá mi wo lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ sí ìgbìmọ̀ ìbáwí

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Wọ́n fún wa ní iṣẹ́ pé kí á kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò ṣírò owó ìtanràn ẹni tó dá ìwé láíbìrì padà pẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, olùkọ́ fún mi ní òdo, ó ní iṣẹ́ mi àti ti akẹ́kọ̀ọ́ kan jọra dé ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé mo "da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ". Wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá láti kọ lẹ́tà kòtẹ́milọ́rùn sí ìgbìmọ̀ ìbáwí. Mi ò wo iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo fi fáìlì mi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi nígbà tó ní tòun ò ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ti kọ nìyí:

"Ẹ̀yin àgbà ìgbìmọ̀, mo fi ìkúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Inú ilé tí wọ́n ti ń sọ òtítọ́ ni mo ti wá, mi ò sì jíwèé wò rí láyé mi. Ó yà mí lẹ́nu gan-an, mi ò mọ bí iṣẹ́ wa ṣe wá jọra. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

Kí ni kí n yí padà nínú rẹ̀?

Ọmọ_Òfin

Àbúrò, pa gbogbo "dárí jì mí" yẹn rẹ́. Ẹni tí kò ṣẹ̀ kì í tọrọ àforíjì. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn ọ́ ló gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀, kì í ṣe ìwọ ni yóò máa fi ẹ̀rí hàn pé ọwọ́ rẹ mọ́. Má dárúkọ fáìlì tí o fi ránṣẹ́ rárá, nítorí wọn ò bi ọ́. Kọ ọ́ pé ìdá 71 kì í ṣe ẹ̀rí, kí o sì fi aago tí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ hàn wọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ni wọ́n dà kọ. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá_Ìbejì

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mò ń kọ iṣẹ́ àṣeparí mi. Mo kó ìpínrọ̀ méjì láti inú ìwé kan, mi ò sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, mo ní mo gbàgbé ni, wọ́n sì ní kí n tún un kọ. Ìwọ náà jẹ́wọ́. Ìgbìmọ̀ a máa fojú àánú wo ẹni tí kò bá wọn jiyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì

Ẹ ṣé mà. Ṣùgbọ́n mi ò ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nípa àdàkọ, torí mi ò da ti ẹnikẹ́ni kọ. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Òfin, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Òun ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ní aago 8:40 alẹ́ ni tirẹ̀ wọlé. Ọjọ́ Ẹtì ní 11:52 alẹ́ ni mo fi tèmi sílẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo ṣì ń tún apá tó ń tẹ èsì jáde ṣe ni.

Olùkọ́_Àná

Mo jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ yìí fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí lẹ́tà yín yóò ṣe rí lójú àwọn tí yóò kà á.

Gbólóhùn tó léwu jù níbẹ̀ ni "mi ò mọ bí iṣẹ́ wa ṣe wá jọra". Ẹ mọ̀. Ẹ̀yin lẹ fi fáìlì ránṣẹ́. Bí ọ̀rẹ́ yín bá gbé fóònù rẹ̀ jáde níwájú ìgbìmọ̀, tí wọ́n rí iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ níbẹ̀, gbólóhùn kan yẹn yóò ba gbogbo ìyókù jẹ́. Wọn ò ní gba èyí tó jẹ́ òtítọ́ gbọ́ mọ́. Nítorí náà, mi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn pé kí ẹ fi í pa mọ́.

Èkejì: ọ̀rọ̀ ìwà àti ilé tí ẹ ti wá kò ní ohun tó fẹ́ ṣe. Gbogbo lẹ́tà tí a máa ń gbà ló ń sọ ọ́, ẹni tó ṣe é àti ẹni tí kò ṣe é. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń wá ni bí iṣẹ́ náà ṣe dàgbà lọ́wọ́ yín, lọ́jọ́ wo, ní aago mélòó.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ dá mi lóhùn: ṣé wọ́n fún yín ní ìwé tó fi ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti jọra hàn? Ṣé olùkọ́ fún gbogbo kíláàsì ní fáìlì kan tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀? Mélòó ni yín ní kíláàsì? Ṣé ẹ sì ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà iṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ń kọ ọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì

Ẹ ṣé sà. Wọn ò fún mi ní ìwé kankan àfi lẹ́tà, ṣùgbọ́n olórí ẹ̀ka jẹ́ kí n wò ó lórí ẹ̀rọ rẹ̀ lánàá. MOSS, ètò tó ń wá ibi tí kóòdù ti jọra, ni wọ́n lò. Bẹ́ẹ̀ ni, olùkọ́ fún wa ní fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ tó ń ka àkọsílẹ̀, ìlà 46 ni. Iṣẹ́ mi lápapọ̀ jẹ́ ìlà 112. Àwa mẹ́jọ la wà ní kíláàsì. Mo ń lo git láti tọ́jú àwọn ẹ̀dà iṣẹ́ mi, mo sì máa ń tì í sórí sáfà ẹ̀ka wa.

Ohun tí olórí ẹ̀ka nawọ́ sí jù nìyí. Ó wà nínú tèmi, ó wà nínú tirẹ̀:

```python
ojo_pse = (ojo_dapada - ojo_ye).days + 1
if ojo_pse > 0:
    itanran = ojo_pse * iye_ojo
```

`ojo_pe` ni mo fẹ́ kọ, mo ṣì í tẹ̀. Àṣìṣe ni `+ 1` yẹn náà, torí ó ń bu ìtanràn fún ẹni tó dá ìwé padà lọ́jọ́ tó yẹ gan-an. Mi ò rí i títí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Olùkọ́_Àná

Ibí yìí gan-an ni ẹjọ́ yín wà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìdá 71 kúrò lọ́nà.

MOSS máa ń gé kóòdù sí wẹ́wẹ́, yóò sì wá àwọn èyí tó wà nínú iṣẹ́ méjèèjì. Kò bìkítà fún orúkọ tí ẹ fún nǹkan, ìdí nìyẹn tí yíyí orúkọ padà kì í fi í tan án. Èyí tó bá hàn nínú iṣẹ́ tó ju mẹ́wàá lọ ni ó máa ń kà sí ohun tí gbogbo yín jọ gbà, tí kò sì ní kà á sí ìjọra. Àmọ́ mẹ́jọ péré ni yín. Bí olùkọ́ kò bá fi fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ náà fún un lọ́tọ̀ pé kó yọ ọ́ kúrò, ìlà 46 yẹn yóò wọ inú ìṣirò.

Ìdá 71 nínú ìlà 112 jẹ́ nǹkan bí ìlà 80. Bí ẹ bá yọ 46 kúrò, ó ku 34 tó jọra nínú 66 tí ẹ kọ fúnra yín. Ìdajì ni ìyẹn ṣì jẹ́ o. Ẹ má gbé gbogbo ara lé e bí ẹni pé ó ti dá yín láre. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, kí ẹ sì kọjá.

Àṣìṣe inú ìlà mẹ́ta yẹn ni ìgbìmọ̀ yóò di mú, wọ́n sì jàre. Ẹni méjì lè ronú ọ̀nà kan náà dé ibi ìdáhùn tó tọ́. Wọn kì í ṣèèṣì tẹ `ojo_pse` pọ̀. Torí náà, ẹ má jiyàn pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹnì kan ló ti wá. Ìbéèrè tó kù ni ọ̀dọ̀ ta ni. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fi ìjọra hàn tó lè dáhùn ìyẹn, aago tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò sì lè dáhùn rẹ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí máa ń tètè fi tirẹ̀ sílẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí i.

Ohun tó lè dáhùn rẹ̀ ni ọjọ́ tí àṣìṣe náà kọ́kọ́ wọnú iṣẹ́ yín. Ẹ tẹ èyí, kí ẹ sọ ohun tó jáde fún wa:

```
git log -S "ojo_pse" --reverse --date=iso
```

Kóòdù_Lóru

Àbúrò, tún ya àwòrán ọjọ́ tó wà lára fáìlì náà lórí ẹ̀rọ rẹ. Ìyẹn náà yóò fi ìgbà tí o kọ ọ́ hàn.

Olùkọ́_Àná

Rárá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ọjọ́ ara fáìlì lè yí padà bí ẹ bá kàn dà á láti ibì kan sí òmíràn tàbí tí ẹ ṣí i tí ẹ tún tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí git ń kọ gan-an, láti ara aago kọ̀ǹpútà yín ló ti ń mú un, ẹni tó bá fẹ́ sì lè yí aago padà. Ọmọ ìgbìmọ̀ tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ yóò bi yín ní ìbéèrè yẹn. Èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni àkọsílẹ̀ sáfà ẹ̀ka nípa ìgbà tí ẹ ti iṣẹ́ náà síbẹ̀, torí kò sí lábẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ má ya àwòrán rẹ̀ nìkan. Ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n yẹ ẹ́ wò fúnra wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì

Sà, ó jáde! `ojo_pse` kọ́kọ́ wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:14 alẹ́. Mo tì í sórí sáfà ní Ọjọ́rú, 7:05 àárọ̀. Ọjọ́bọ̀ ní 4:30 ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé sí mi pé tòun ń kọ àṣìṣe síta, pé kí n jẹ́ kí òun wo bí mo ṣe ṣe tèmi. Mo fi fáìlì ránṣẹ́ ní 4:47. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń ka àwọn aago yìí. Wákàtí mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ló fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ_Òfin

Mo gbà pé mo ṣì í lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kúrò lórí fáìlì yẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó fi iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn náà ti rú òfin. Bí ó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀sùn tuntun. Ó kéré tán, kó kọ ọ́ pé ẹ̀sùn àdàkọ tó wà nínú lẹ́tà wọn ni òun ń dáhùn, àti pé bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn mìíràn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fún òun láàyè láti fèsì.

Olùkọ́_Àná

Gbólóhùn yẹn dára, kó wọlé. Ìgbìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ pe ènìyàn lórí ẹ̀sùn kan, kó dá a lẹ́bi lórí òmíràn tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n fífi fáìlì ránṣẹ́ ni ẹsẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ fi dúró. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ò ní lè sọ bí `ojo_pse` ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìfi orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan pè é, láìsì ṣe àwáwí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá a wí lórí rẹ̀, mi ò lè ṣèlérí pé wọn ò ní bá a wí. Àmọ́ ìbáwí ẹni tó fi iṣẹ́ hàn kì í sábà rí bíi ti ẹni tó dà á kọ.

Ohun kan ṣì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Kòtẹ́milọ́rùn kì í ṣe kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé òfin ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ wo ìdí tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ gbà á. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀rí tuntun wà, tàbí pé wọn ò tẹ̀lé ìlànà, tàbí pé ìjìyà ti pọ̀ jù. Ẹ lo ọ̀rọ̀ tí ìwé yẹn fúnra rẹ̀ lò. Lójú tèmi, ẹ ní méjì: àkọsílẹ̀ sáfà jẹ́ ẹ̀rí tí olùkọ́ kò rí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún yín ní òdo kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín.

Kóòdù_Lóru

Wọ́n fẹ̀sùn kàn mí báyìí rí. Ohun tó gbà mí ni pé mo ní kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè lórí ìlà èyíkéyìí. Wọ́n nawọ́ sí ìlà kan, mo ṣàlàyé ìdí tí mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ àti ohun tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́. Fi ìyẹn kún un.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ má bínú sí mi, mo ti wá lóye báyìí pé ìwọ lo ni iṣẹ́. Síbẹ̀, ó ń ká mi lára pé kí o dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ fún ìgbìmọ̀. Ọmọ ẹlòmíràn lòun náà. Ṣé kò sí bí o ṣe lè gba ara rẹ sílẹ̀ láì fà á lé wọn lọ́wọ́?

Ọmọ_Òfin

Mà, orúkọ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n sọ pé ó jọra.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì

Ọ̀rọ̀ tí mà sọ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo pinnu pé n ò ní kọ orúkọ rẹ̀, n ò sì ní sọ pé ó da tèmi kọ, torí mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Ohun tí mo ṣe àti ohun tí mo rí nìkan ni mo sọ. Mo ti ṣí ìwé òfin, ìdí méjì tí sà sọ wà níbẹ̀. Ẹ bá mi wò ó:

*Sí Alága àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìbáwí,*

*Mo ń kọ lẹ́tà yìí láti pe kòtẹ́milọ́rùn lórí ìpinnu pé mo da iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn kọ nínú iṣẹ́ ìṣirò ìtanràn láíbìrì. Ìdí méjì ni mo fi pè é: ẹ̀rí wà tí kò sí níwájú olùkọ́ nígbà tó ṣe ìpinnu, wọn kò sì béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi kí wọ́n tó fún mi ní òdo.*

*Èmi ni mo kọ iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀, yàtọ̀ sí ìlà 46 tí olùkọ́ fún gbogbo wa. Mo gbà pé ìlà tó ń ṣírò ìtanràn nínú iṣẹ́ méjèèjì bára mu, títí kan orúkọ `ojo_pse` tí mo ṣì tẹ̀ àti `+ 1` tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Mi ò sọ pé ó ṣèèṣì bára mu.*

*Mo kọ àwọn ìlà wọ̀nyí ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì tì wọ́n sórí sáfà ẹ̀ka ní Ọjọ́rú, aago 7:05 àárọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kejì kọ̀wé sí mi pé ètò òun kò ṣiṣẹ́, ó sì ní kí n jẹ́ kí òun wo tèmi. Mo fi fáìlì mi ránṣẹ́ sí i ní 4:47. Kò fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mi ò sì rí i títí di ọjọ́ tí olórí ẹ̀ka fi hàn mí. Mo tẹ̀síwájú lórí apá tó ń tẹ èsì jáde, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, 11:52 alẹ́.*

*Mo fi àkọsílẹ̀ git mi àti àwọn ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ lọ́jọ́ náà mọ́ lẹ́tà yìí. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà mi ni àkọsílẹ̀ git ti wá, mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí ó gba àkọsílẹ̀ ti Ọjọ́rú láti ọwọ́ ẹni tó ń bójú tó sáfà. Mo tún bẹ̀ yín pé kí ẹ béèrè bóyá wọ́n yọ fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò ìdá 71. Bí wọn kò bá yọ ọ́, nǹkan bí ìlà 34 nínú 66 ló jọra.*

*Ẹ̀sùn àdàkọ tó wà nínú lẹ́tà yín ni mo dáhùn. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ gbé ẹ̀sùn mìíràn wò, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ kọ ọ́ sí mi, kí n lè fèsì. Mo ṣe tán láti wá síwájú yín kí ẹ bi mí ní ìbéèrè lórí ìlà èyíkéyìí. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ yí ìpinnu àdàkọ padà, kí ẹ sì jẹ́ kí olùkọ́ fún iṣẹ́ náà ní máàkì tó tọ́ sí i.*

Olùkọ́_Àná

Ó dára. Ẹ má fi kún un. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ fóònù tí ẹ fẹ́ fi mọ́ ọn, ẹ fi gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn síbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má gé ibi kankan. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ gé ibì kan, ibi tí ẹ gé ni wọn yóò máa ronú lé. Ẹ fi í ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì gba ìwé pé wọ́n ti rí i gbà.

Ọmọ_Òfin

Èmi ṣì rò pé "mo fi fáìlì mi ránṣẹ́" yóò mú wàhálà wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọlé, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ yìí ló dára jù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì

Mo ti fi í sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, akọ̀wé ìgbìmọ̀ fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà mi. Wọ́n ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ìjókòó, wọ́n sì pe àwa méjèèjì. Mo ti pe ọ̀rẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti sọ ohun tí mo kọ fún un kó má bàa bá a lójijì, kò gbé e.

Olùkọ́_Àná

Ẹ má pè é mọ́ títí ìjókòó yóò fi parí, ẹ má sì rán ẹnikẹ́ni sí i. Mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ni òun náà. Bí ó bá sọ níbẹ̀ pé ẹ pe òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn yóò béèrè ohun tí ẹ fẹ́ kí ó sọ. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ sọ ọ́ gan-an bí ẹ ṣe kọ ọ́ síbí yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì

Mo gbọ́, sà. Mo ti fi fóònù sílẹ̀.